Orúkọ Mi Lábẹ́ Máàkà

Ọmọ pẹ́ kí ó tó dé ilé wa. Nígbà tí oyún wá dúró, èmi àti ọkọ mi fohùn ṣọ̀kan pé ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, àti pé a kò ní sọ ọ́ lórí fóònù. Tí iléèwé tí mo ti ń kọ́ni ní Mafoluku bá ti gba ìsinmi, màá lọ bá Màmá ní Èkìtì, màá kúnlẹ̀, màá sọ ọ́. Wọ́n ti gbààwẹ̀ títí lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n aṣọ ti ń fún mi. Mo sọ fún obìnrin kan tó ń ta ańkárá ní ọjà Aswani, ẹni tó máa ń pè mí ní àǹtí, pé kó bá mi wá èyí tí mo lè fi rán bùbá tó fẹ̀ dáadáa. Aṣọ náà dára. Inú mi dùn débi pé mo kọ ọ́ sí i lórí fóònù pé: "Èmi àti ọmọ inú mi dúpẹ́ o."

Àwọn ọlọ́jà wa a máa ya àwòrán irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ojú fóònù, wọn a gbé e sí sítátọ́ọ̀sì wọn lórí WhatsApp, kí oníbàárà tuntun lè mọ̀ pé àwọn kì í ṣe gbájúẹ̀. Òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kò kúkú ṣàìbìkítà: ó fi máàkà inú fóònù kun nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ àti orúkọ mi tó wà lókè. Àmọ́ máàkà tí a fi ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ pàtàkì ni ó mú, èyí tí ojú ṣì ń rí ọ̀rọ̀ gba inú rẹ̀. Ó kùn ún ní dúdú léraléra, ó rò pé ó ti parí.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tó ń gbé ní Ṣógúnlé, náà jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Ẹ̀mí ìtọpinpin pọ̀ lára rẹ̀ ju ti ọlọ́pàá lọ. Ó tọ́jú àwòrán náà, ó fi ìmọ́lẹ̀ kún un, orúkọ mi yọ gedegbe. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti pe Màmá, ó ti kí wọn kú oríire, kó tó wá pe èmi náà láti kí mi.

Mo fi ìbínú pe ọlọ́jà mi.

"Àǹtí, mo bò ó o! Mo fi máàkà pa á!"

"O kùn ún ni, o ò bò ó. Ṣé o ò lè gé òkè fọ́tò yẹn dànù ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Màá dìlíìtì ẹ̀ báyìí."

Ó dìlíìtì ẹ̀ lóòótọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Nísinsìnyí, ó ń gé orúkọ oníbàárà kúrò pátápátá, nọ́ńbà ni ó sì ń gbé àpótí dúdú tí kò jẹ́ kí nǹkan hàn lé lórí. Ó dára fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Ní tèmi, ó ń dùn mí di òní.

Màmá pè mí lọ́jọ́ kejì. Wọn kò jágbe. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ní kí n má gbé nǹkan tó wúwo. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, mo sì ń sunkún. Wọ́n jẹ́ kí n sọ tán.

"Mo ti máa ń rò ó, ijó tí màá jó lójú ẹ lọ́jọ́ tí o bá wá sọ fún mi," ni wọ́n wí. "Mo jó o, ọmọ mi. Àmọ́ èmi nìkan ni mo jó o."