Nọ́ńbà Mọ́kànlélógún

Tíṣà Bíró Pupa là ń pe bàbá náà lẹ́yìn. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n wá ń kọ́ wa ní ìṣirò ní fàráńdà ilé wọn. Ìgbà kejì tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde nìyẹn. Bí mi ò bá yege nínú ìṣirò, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ò ní gbà mí.

Wọ́n kọ́kọ́ fún wa ní ìdánwò àṣewò. Mo gba mẹ́tàlá nínú ogójì. Wọ́n fi lẹ́tà há inú ìwé mi:

"Ọmọ mi, má kàn kọ ìdáhùn tó tọ̀nà lé èyí tó o ṣì lórí. Ìyẹn ò kọ́ ẹ ní nǹkan kan. Bo ìdáhùn rẹ mọ́lẹ̀, kó o tún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ṣe. Lẹ́yìn náà, kọ ohun tó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: mi ò mọ̀ ọ́n, mo kánjú, tàbí mo kàn méfò ni. Má purọ́. Kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ ṣe ìdánwò."

Mo mú bíró. Mo kọ "mo kánjú" sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí wọ́n fagi lé. Ìṣẹ́jú márùn-ún, iṣẹ́ tán.

Lọ́jọ́ kẹta, mo mú un lọ fún wọn. Wọ́n wò ó, wọn ò bínú. Wọ́n fìka lé nọ́ńbà mọ́kànlélógún.

"O kánjú níbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Lọ tún ìyẹn nìkan ṣe."

Omi ọgọ́rin lítà wà nínú táńkì. Wọ́n lo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ. Mélòó ló kù? Mo ṣe é: àádọ́ta. Mo tún un ṣe: àádọ́ta. Mo ya táńkì, mo pín in sí mẹ́jọ: àádọ́ta. Ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn.

Tíṣà ṣì í. Inú mi dùn débi pé eré ni mo sá padà dé ilé wọn.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin lẹ kánjú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń retí ẹ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fagi lé e ni. O ò wá kánjú níbẹ̀ nìyẹn?"

"Rárá, sà."

"Ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ ọ́. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó kù ńkọ́?"

Mo ṣí ìwé mi padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Fàráńdà yẹn ni mo jókòó sí tí mo fi ṣe gbogbo wọn. Mo kánjú nínú mẹ́sàn-án. Mo méfò nínú mẹ́fà. Mi ò mọ mọ́kànlá, mẹ́jọ nínú wọn sì jẹ́ ti igun. Àṣé igun ló ń lé mi, tí mo wá ń ka odindi ìwé kiri.

"Igun ni kó o kà," ni wọ́n wí. Igun ni mo kà.

Wọ́n kú nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Mo yege. Mi ò rí ẹni tí mo lè sáré lọ sọ fún.

Ìwé ètò ìsìnkú wọn wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni wọ́n pè wọ́n níbẹ̀. Mo yọ ọdún ìbí wọn kúrò nínú ọdún ikú wọn: méjìléláàádọ́rin. Mo tún un yọ. Méjìléláàádọ́rin náà ni.

Ìyàwó wọn ti fún mi ní bíró pupa tí wọ́n fi ń máàkì ìwé wa. Mo fi í fagi lé mẹ́tàléláàádọ́rin. Mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: atẹ̀wé kánjú.