Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Kúrò Lójú Kan

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni Tíṣà Fábíyìí nígbà tí dókítà kan ní Ṣàgámù sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru: bí kò bá máa ṣe eré ìdárayá, ikú òjijì kò jìnnà. Oṣù mẹ́rin ṣáájú ni wọ́n sin Àbẹ̀bí, ìyàwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò dẹ́rù bà á. Láídé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni ẹ̀rù bà. Kò fẹ́ sin òbí méjì láàárín ọdún kan.

Nítorí Láídé, Fábíyìí bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yí pápá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ká ní Ìpẹ̀rú. Ó sanra púpọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ ń mì. Ní ọjọ́ karùn-ún, orúnkún rẹ̀ kò ṣe é tẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì wú.

Bánkẹ́, tí ń tọ́jú oríkèé ní ilé ìwòsàn tí ó lọ, ṣàlàyé pé bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré bá ti ń balẹ̀, ẹrù tó ju ìwúwo ara lọ ló ń bọ́ lé orúnkún. Ó ní nínú omi ni ìbá ti rọrùn jù, nítorí omi a máa gbé ènìyàn, ṣùgbọ́n ibi ìlúwẹ̀ẹ́ kò sí nítòsí. Nígbà tí wíwú náà lọ, ó ní kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ó sì máa wá gun kẹ̀kẹ́ kan tí a dè mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀: ìjókòó ni yóò gba ìwúwo rẹ̀. Ó gbé ìjókòó náà sókè kí orúnkún lè fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán nígbà tí ẹsẹ̀ bá dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe é bó ti yẹ, ó ní, yóò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní lè kọrin.

Bí Bánkẹ́ bá bi í ní nǹkan lórí kẹ̀kẹ́, Fábíyìí a kàn mi orí. Bánkẹ́ rò pé èémí ni kò tó o, ó sì máa ń dẹ ìdè tó ń mú kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà le láti yí, kí ó lè fúyẹ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Oríkèé kò dùn ún mọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò walẹ̀. Láídé, tí ó sìn ín wá lọ́jọ́ tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ náà, ló sọ fún Bánkẹ́ jẹ́jẹ́ pé láti ìgbà ìsìnkú ni bàbá òun kì í ti í dá ènìyàn lóhùn.

Bánkẹ́ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wo aago. Orí kẹ̀kẹ́ ni Fábíyìí wà, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ń lù bíi ti ẹni tó jókòó lásán.

"Tíṣà, ẹ ti ń tàn mí jẹ láìmọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọrin."

"Orin wo?"

"Èyí tó bá wù yín."

"Kò sí èyí tó wù mí."

"Ẹ kọ èyí tí kò wù yín, sà."

Ogún ọdún ni Fábíyìí fi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ó kọ ẹsẹ orin kan tán láì já ohùn; ojú rẹ̀ kò yí padà. Láídé ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Bánkẹ́ mú kí ìdè náà le díẹ̀ sí i, ó ní kí ó máa wà á lọ. Ní ìṣẹ́jú kẹfà, ó bèèrè bóyá orúnkún ń dùn ún.

"Kò... kò dùn mí."

Bánkẹ́ ní kí ó kọ ẹsẹ kejì. Ní ọ̀rọ̀ kẹta, èémí rẹ̀ já.

"Ibi tó yẹ ká wà nìyí," ni Bánkẹ́ wí, ó sì kọ ibi tí ìdè náà wà sínú ìwé. "Ẹ má dẹ̀ ẹ́."

Fábíyìí ní òun gbọ́.