Ilẹ̀ Ìsákòkó Màmá Veronica

Bí ẹ bá débi ìnáwó, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń fọwọ́ pa ilẹ̀ onílé nígbà tí gbogbo èèyàn ń jẹun, ẹ má pè é ní wèrè. Hàmídù bíríkìlà ni. Ọmọ Ìkàrẹ́ Àkókó ni, ṣùgbọ́n Ọ̀wọ̀ ló ti ń jẹ, tó ti ń mu, láti ogún ọdún ó lé. Ọwọ́ rẹ̀ dáa níṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ohun kan sì wà tó ń bá a sùn, tó ń bá a jí: ilẹ̀ kan tó dà ní Arimogija lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn.

Akínbọ̀wálé, àgbẹ̀ kòkó kan níbẹ̀, ló ní kó bá òun da ilẹ̀ kọnkéré tí òun yóò máa sá kòkó sí. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọyẹ́ ń fẹ́, oòrùn sì ń ta bí ata. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ilẹ̀ yẹn ti sán káàkiri. Nígbà tí oṣù díẹ̀ kọjá, ojú rẹ̀ ń ṣí kúrò, eruku rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ kòkó, àwọn oníbàárà sì ń yínmú. Hàmídù ní sìmẹ́ǹtì ni kò dáa. Akínbọ̀wálé kò bá a jà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bi í léèrè, á sọ ohun tójú rẹ̀ rí fún un. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún pe Hàmídù síṣẹ́ ní gbogbo apá ibẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àyà rẹ̀ fi já nígbà tí Màmá Veronica ti Ute pè é nínú oṣù Kejì ọdún yìí. Opó ni màmá náà, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, oko kòkó rẹ̀ sì tóbi ju ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Ilẹ̀ ìsákòkó lòun náà fẹ́. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, ó ní, "Akínbọ̀wálé ti Arimogija, àbúrò ọkọ mi ni. Ó fẹ́ tún tiẹ̀ dà. Ó ní òun á wá wo tèmi ná, lọ́jọ́ kẹjọ tí o bá dà á." Hàmídù rẹ́rìn-ín. Bí èyí náà bá sán, kó yáa lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n dà á. Agogo mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn tó mú. Hàmídù ti bomi rin ilẹ̀ títí ó fi yó, kó má baà fa omi inú kọnkéré mu. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ tún bu omi sí i kó lè rọrùn láti tẹ́, ó jágbe mọ́ wọn pé omi àfikún ni ìbẹ̀rẹ̀ sísán. Bí wọ́n ṣe ń fi pákó fà á tẹ́jú tán lápá kan ló ń da ọ̀rá bò ó, tó ń fi òkúta tẹ etí ọ̀rá náà. Nígbà tó di ọ̀sán, tí àtàǹpàkò rẹ̀ kò lè ṣàmì sí i mọ́, ó yá àpò ìdọ̀họ tí Màmá Veronica fi ń di kòkó, ó rẹ wọ́n sómi, ó tẹ́ wọn sórí ilẹ̀ náà, ó tún da ọ̀rá lé e.

"Màmá, ẹ bá mi bu omi sí i láàárọ̀ ọ̀la kí n tó dé," ló wí, ó sì gun ọ̀kadà padà sí Ọ̀wọ̀. Kò sọ ìdí. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa a máa rò pé ohun tí àwọn bá ti mọ̀, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó padà dé ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn àpò ló kọ́kọ́ rí. Wọ́n wà lórí ọgbà, wọ́n wà lórí koríko, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ nínú oòrùn. Ilẹ̀ náà wà ní ìhòòhò, ó ti funfun. Màmá Veronica jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, inú rẹ̀ ń dùn.

"Hàmídù, mo ti bá ọ bu omi sí i. Àwọn àpò yìí ì bá ti bu lábẹ́ ọ̀rá. Mo ti gbà wọ́n là."

Ẹ má bínú sí màmá. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé àpò kòkó tó bá tutù mọ́jú, àpò tó kú ni, nítorí kòkó tí wọ́n bá rọ sínú rẹ̀ yóò bu, kò sì sẹ́ni tí yóò rà á. Omi tó bù sórí ilẹ̀, kíá ni oòrùn ti lá a. Gbígbẹ lẹ́yìn rírẹ bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń pa ojú kọnkéré tuntun.

Hàmídù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀ náà, ó gbóná. Ó sáré fa omi kànga, ó gbé korobá sókè, ó sì dúró lójijì. Omi kànga tutù ju bó ṣe yẹ lọ, bí ó bá dà á sórí ilẹ̀ gbígbóná, ó lè mú kó sán lójú ẹsẹ̀. Ó gbé korobá náà sílẹ̀. Omi kan wà nínú dírọ́ọ̀mù tí oòrùn ti ń yá látàárọ̀. Òun ló fi rẹ àwọn àpò, ó ń tẹ́ wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó da ọ̀rá bò wọ́n. Màmá Veronica ń wò ó.

Nígbà tó tán ló tó jókòó sílẹ̀. "Màmá, kọnkéré kì í ṣe kòkó. Omi inú rẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì ń lò láti fi le. Bí oòrùn àti afẹ́fẹ́ bá fa omi náà kúrò lójú rẹ̀, ojú á sún kì, inú ò ní sún kì, ibẹ̀ ni yóò ti sán. Ọjọ́ méje ló gbọ́dọ̀ fi wà nínú omi."

"O ò sọ fún mi."

"Mi ò sọ fún yín lóòótọ́."

Hàmídù kò lọ sílé mọ́. Yàrá tí wọ́n ń kó kòkó sí ló ń sùn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ló ń rẹ àwọn àpò. Qudirat, ìyàwó rẹ̀, pè é pé ṣé kò sí wàhálà o. Ó ní kò sí, ohùn rẹ̀ sì ń sọ pé ó wà. Nígbà mìíràn, yóò di etí àpò kan mú láti ṣí i wò, yóò tún fi í sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á láti mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì pé, Akínbọ̀wálé dé láti Arimogija. Ó kí Màmá Veronica, ó kí Hàmídù náà, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ń ká àwọn àpò kúrò. Ilẹ̀ náà ń yọ jáde, ó dán, ó le, kò sí àbàwọ́n. Hàmídù ti ń mí kanlẹ̀ nígbà tí wọ́n dé igun tó kọjú sí ìlà oòrùn, níbi tí màmá ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àpò lọ́jọ́sí. Àwọn ìlà sísán tín-ín-rín bí irun orí wà níbẹ̀, wọ́n ta bí òwú aláǹtakùn, ibi tí wọ́n wà kò fẹ̀ ju ẹní kékeré kan lọ.

Akínbọ̀wálé bẹ̀rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ ha ibẹ̀. Kò jìn. Ṣùgbọ́n ó gbé ojú sókè, ó ń wo Hàmídù.

Ẹnu Hàmídù, ẹnu tó yá ju ọwọ́ lọ yẹn, ti bẹ̀rẹ̀: "Ẹ rí i, sìmẹ́ǹtì ayé ìsinsìnyí..."

"Sìmẹ́ǹtì kọ́," Màmá Veronica wí. "Èmi ni. Mo ká àpò kúrò lórí rẹ̀, mo lọ sá wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni igun yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá bi mí, bí mo ṣe máa sọ fún un nìyẹn."

Ojú ti Hàmídù. Ó wo màmá, arúgbó tí kò mọ iṣẹ́ náà, tó gbé ẹ̀bi ara rẹ̀ bí ẹni gbé agbọ̀n oko. Ó kọjú sí Akínbọ̀wálé.

"Ti Arimogija náà, sìmẹ́ǹtì kọ́, sà. Ọ̀sán gangan ni mo dà á, mo sì lọ jẹun. Mi ò bò ó."

"Mo mọ̀," Akínbọ̀wálé dá a lóhùn. "Ìyókù sìmẹ́ǹtì yẹn ni mo fi ṣe ibojì bàbá mi. Kò sán títí dòní."

Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó yíjú sí Màmá Veronica.

"Màmá, ẹ má tíì sá àwọn àpò yẹn. Èmi àti Hàmídù máa yá wọn lọ sí Arimogija."