Ìkíni Ọjọ́ Méjì

Gbọnran ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé ó ga. Ìlà tó máa ń fi àyọ́ọ̀nù fà sójú ṣòkòtò ló ń dúró gbọnran. Ẹni tó wọ̀ ọ́ lè jókòó, kó dìde, kó tún jókòó, ìlà náà á ṣì wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi lọ aṣọ ní yàrá ìfọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì kan, nísàlẹ̀ ilé, níbi tí kò sí fèrèsé. Hòtẹ́ẹ̀lì náà ti ilẹ̀kùn. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú.

Ẹ̀gbọ́n yẹn ni ẹnu ilé. Tí onílé bá dé, òun ló ń dá a lóhùn. Nígbà tí Gbọnran máa wọṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀gbọ́n ló mú un lọ bá máníjà, òun ló sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Gbọnran kàn ń mi orí. Nísinsìnyí, òun àti ìyá rẹ̀ ló kù nínú yàrá náà, àwọn méjèèjì ò sì mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú kan, ìkéde wọlé sínú gúrúùpù wasáàpù àwọn alágbàfọ̀. Obìnrin kan tó ń bá ilé iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ ló fi í síbẹ̀. Ilé ìwòsàn kan ń wá alágbàfọ̀ mẹ́ta. Kí ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀, iye ọdún tó ti ṣiṣẹ́ náà, àti ọjọ́ tó lè bẹ̀rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà òun. Kó má pè. Kó má fèsì sínú gúrúùpù. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni òpin.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, èèyàn mẹ́rìndínlógún ti fèsì sínú gúrúùpù. "Mo fẹ́." "Èmi náà." "Ẹ rántí mi o." Ẹnì kan fi àwòrán òdòdó síbẹ̀. Obìnrin náà ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Gbọnran ò sí nínú wọn. Ó ka ìkéde náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi nọ́ńbà náà pamọ́, ó sì kọ̀wé sí i ní ìdákọ́ńkọ́ bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n ṣe. Ohun tó kọ ni: "Ẹ káàárọ̀ mà."

Ó wá dúró.

Lójú tirẹ̀, kò sí nǹkan míì tó kàn. Èèyàn kì í dé ẹnu ọ̀nà àgbà kó sọ ẹrù kalẹ̀ nígbà tí onílé ò tíì ní kó wọlé. O kí i, á dá ọ lóhùn, á bi ọ́ pé kí ló dé, ìgbà náà lo máa ṣàlàyé. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Tí obìnrin náà bá ti ní "káàárọ̀," á sọ tẹnu rẹ̀.

Kò pẹ́ tí àmì méjì abẹ́ ọ̀rọ̀ náà fi di búlúù. Obìnrin náà ti kà á. Kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́ṣẹ, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì, pè é nírọ̀lẹ́.

"Gbọnran, ṣé o ti kọ̀wé sí madam yẹn?"

"Mo ti kí i."

"Èmi ò kọ̀wé jàre, mo gbohùn ránṣẹ́ sí i. Ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko. Mo sọ fún un pé onílé fẹ́ lé mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ìyàwó mi."

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ ìyàwó ẹ?"

"Kò ṣe nǹkan kan mọ́. Ó ti san. Ṣùgbọ́n ṣé madam mọ̀?"

"Ó dá ẹ lóhùn?"

"Kò tíì gbọ́ ọ. Àmì ibẹ̀ ò tíì yí padà. Bóyá ó ń wá ibi tó parọ́rọ́."

Gbọnran fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó tún kí i. "Ẹ káàárọ̀ mà. A jí bí?" Ó di búlúù. Lọ́sàn-án, ó kọ "Ẹ kú ọ̀sán mà." Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó kọ "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, ẹ kú iṣẹ́." Obìnrin náà ń kà á, kò sì fèsì. Gbọnran rò ó pé bóyá òun ti ṣẹ̀ ẹ́ láìmọ̀. Ó fi fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí kó má baà máa wò ó. Ìyá rẹ̀ bi í pé ta ló ń retí.

"Iṣẹ́ ni, Màámi."

"Ṣé o ti bẹ̀ wọ́n?"

"Mo ṣì ń kí wọn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ó lọ tẹ ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó rò pé tí obìnrin náà bá dáhùn lójijì, kí ìwé má di wàhálà. Obìnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó so gíláàsì mọ́ ọrùn, kọ̀m̀pútà rẹ̀ méjì, ọ̀kan kì í ṣiṣẹ́. Ó tẹ ìwé náà tán, ó ní òun á fi ránṣẹ́ sórí fóònù Gbọnran.

"Iṣẹ́ ibo lo fẹ́ fi wá?"

"Ti ilé ìwòsàn ni, Àǹtí. Aago mẹ́rin òní ló parí."

"Kí lo wá ń dúró dè? Aago kan ààbọ̀ ti lù."

"Madam ò tíì dá mi lóhùn ni."

"Kí lo bá a sọ?"

Gbọnran fi ìkéde náà àti ohun tó kọ hàn án lórí fóònù. Atẹ̀wé gbé gíláàsì sójú. Ó ka ìkíni àkọ́kọ́, ó ka ìkejì, ó ka gbogbo wọn dé ìsàlẹ̀, ó wá wo Gbọnran lójú.

"Ọ̀rọ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Èyí tó o tìtorí ẹ̀ wá."

"Kò tíì dáhùn ìkíni mi, Àǹtí. Ṣé kí n kàn máa sọ̀rọ̀ lọ?"

Arákùnrin kan tó wá ṣe ẹ̀dà ìwé níbẹ̀ pa ẹ̀rín mọ́nú. Atẹ̀wé ò rẹ́rìn-ín.

"Gbọ́. Wò ó bí ẹni pé igba èèyàn ló dúró lẹ́nu ọ̀nà obìnrin yìí. Gbogbo wọn ń ní ẹ káàárọ̀. Tó bá ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà wo ló máa ṣiṣẹ́? Kò bínú sí ẹ. Kò mọ ohun tó o fẹ́ ni. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Mi ò dákẹ́ kẹ̀. Mo ń kí i."

"O kí i títí, o gbàgbé ara ẹ síta. Ìkíni àti ọ̀rọ̀, inú ìwé kan náà ló ń gbé níbí. Kọ ọ́, kí n wò ó."

Gbọnran jókòó sórí àpótí, ó fi àtàǹpàkò kan kọ ọ́. Ó pẹ́. Nígbà tó gbé e fún un, ọ̀rọ̀ náà gùn dé ìsàlẹ̀ ojú fóònù, ó tún kọjá. Ó ní kí madam ṣàánú òun. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun tó ń gbọ́ bùkátà ilé ti kú. Ó ní Ọlọ́run á ṣe é lóore, kò ní fojú sunkún ọmọ.

Atẹ̀wé kà á.

"Ìgbà wo ni ẹ̀gbọ́n ẹ kú?"

"Oṣù kẹrin rèé."

"Pẹ̀lẹ́." Ó fi ìka tọ́ka síbẹ̀. "Yọ èyí. Kì í ṣe pé kò tó nǹkan. Obìnrin yìí ò béèrè ẹ̀. Ohun mẹ́ta ló béèrè. Nínú gbogbo èyí tó o kọ, iye ọdún tó o ti lọ aṣọ ò sí níbẹ̀."

Gbọnran wò ó. Lóòótọ́, kò sí níbẹ̀.

"Àdúrà yẹn ńkọ́, Àǹtí?"

"Àdúrà yẹn dáa. Fi pamọ́ dìgbà tí wọ́n bá gbà ẹ́."

Wọ́n tún un kọ. Ó kúrú:

"Ẹ kú ọ̀sán mà. Mo rí ìkéde yín ní Ọjọ́rú nínú gúrúùpù àwọn alágbàfọ̀, nípa iṣẹ́ ilé ìwòsàn." Orúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀ tẹ̀lé e. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi lọ aṣọ ní hòtẹ́ẹ̀lì: aṣọ ìbùsùn, aṣọ òṣìṣẹ́, aṣọ àlejò. Mo lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ìwé ìtàn iṣẹ́ mi nìyí. Ẹ ṣeun mà."

Ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ. Atẹ̀wé di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ta ló wà nínú àwòrán ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹ yìí?"

"Bọ̀dá mi ni."

"Tí madam bá ṣí i, ojú yìí ló máa rí, á rò pé ẹni tó ń wáṣẹ́ nìyí. Tó o bá wá débẹ̀, ojú ẹlòmíì."

Arákùnrin tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé kó ìwé rẹ̀, ó jáde. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń kùn.

"N ò ní kó o pa á rẹ́," ni Atẹ̀wé wí. "Ibi tí ìwọ nìkan ti máa ń rí i ni kó o gbé e sí."

Ó ní kó dúró síbi ògiri funfun. Ó ya àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ojú rẹ̀ le jù nínú ti àkọ́kọ́. Èkejì náà ò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Wọ́n lo ìyẹn. Àwòrán ẹ̀gbọ́n lọ sí iwájú fóònù, níbi tó ti máa ń hàn kí èèyàn tó ṣí i. Ó wá fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́, ó fi ìwé tẹ̀ lé e. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ó ní òun á máa lọ sílé. Kò lọ. Ó jókòó sórí àpótí.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́ta lù, èsì wọlé.

"Ẹ kú ọ̀sán. Mo ti rí i. Ẹni méjì tí wọ́n ń wá fún ìlọṣọ ti pé láti àná. Àyè kan tó kù, gbígba aṣọ ìdọ̀tí láti wọ́ọ̀dù àti yíyà á sọ́tọ̀ ni. Ṣé ẹ fẹ́?"

Láti àná. Gbọnran kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ní àná, ó kí obìnrin náà lẹ́ẹ̀mẹta.

"Kí ló wí?" ni Atẹ̀wé béèrè.

"Aṣọ ìdọ̀tí ló kù."

"Ṣé o fẹ́ ẹ?"

Ọdún mẹ́fà ni kò fi fọwọ́ kan aṣọ tí kò tíì mọ́. Àwọn tó ń gba aṣọ ìdọ̀tí ní hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń jẹun. Ó rò ó. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀:

"Mo fẹ́ ẹ mà. Ẹ ṣeun."

Èsì ò pẹ́. Ọjọ́ Ajé, aago méje, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, kó mú ìwé ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dání. Ó dáhùn pé òun ti gbọ́, òun á wà níbẹ̀ lákòókò.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n fún un ní ìbọ̀wọ́ gígùn àti ìbomú. Àpò aṣọ ń bọ̀ látòkè lórí kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní kó kó aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ sápá kan, kó kó èyí tí kò ní ẹ̀jẹ̀ sápá kejì, kó sì máa tú wọn wò dáadáa kí abẹ́rẹ́ má wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ògiri gíláàsì, ó rí àwọn méjì tí wọ́n gbà fún ìlọṣọ. Ọ̀kan nínú wọn ń fa ìlà sójú ṣòkòtò dókítà. Ìlà náà wọ́.

Nígbà ìsinmi, onítọ̀hún bá a sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin ọlọ́yàyà ni.

"Bọ̀dá, ìgbà wo lẹ kọ̀wé sí madam? Èmi, àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni."

"Ọjọ́rú," ni Gbọnran wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Rárá. Ọjọ́ Ẹtì."

Ó wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ padà, ó sì fa àpò tó kàn.