Ìyá Ibido Tó Ń Wo Ẹ̀yìn Wa

Èmi kì í rí ohun tí kò yé mi kí n má bèèrè. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá gbé òkú kọjá, àwọn ẹlòmíràn á kí ẹbí rẹ̀ kú ará fẹ́ra kù, èmi á bèèrè ohun tó pa á. Ẹ jẹ́ kó máa sọ. Abèèrè kì í ṣìnà. Nítorí náà, nígbà tí Ràbíátù Fàsásì wá ń bá wa ṣiṣẹ́ obì ní Ṣàgámù, kété lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i pé ìwà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ṣàjèjì.

Abẹ́ páànù kan ni a ti ń bó obì gbàǹja, tí a ń ṣà á, tí a sì ń tò ó sínú agbọ̀n tí a tẹ́ ewé sí kí àwọn oníṣòwò tó kó o lọ sókè Ọya. Obìnrin ni gbogbo wa, àwọn tó ní ọmọ ọwọ́ nínú wa sì ń pọn ọmọ wọn ṣiṣẹ́. Bí Ràbíátù bá ń gba ẹ̀yìn ẹni tó pọnmọ kọjá, á dúró. Á fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ imú ọmọ náà fẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà mìíràn á fi ìka yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á bá tirẹ̀ lọ láìsọ nǹkan kan.

Kí ló ń wá nímú ọmọ ọlọ́mọ? Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò bímọ rí. Ìyá Ibido ni a ń pè é, nítorí àdúgbò Ibido, ní Ṣàgámù níbẹ̀, ni ilé bàbá rẹ̀ wà. Àwọn kan ní àdúrà ló ń ṣe sí wọn lára. Àwọn kan ní ọmọ tí kò rí bí ló ń dùn ún. Ẹnì kan sọ èyí tó burú jù, n kò ní tún un sọ. Mo bi Ìyá Ibido fúnra rẹ̀ léèrè. Ó ní, "Ìyá Síkírù, obì ń dúró dè ọ́."

Ọyẹ́ dé lọ́dún náà, ó sì le. Morónkẹ́, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Àlímì ni, ọmọ náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ọ̀fìnkìn mú un, imú rẹ̀ ń dún fìn-ìn fìn-ìn. Yèyé, ìyá ọkọ wa, ti kìlọ̀ fún Morónkẹ́ nílé pé kó má jẹ́ kí eruku àti òtútù kan ọmọ lórí. Bí ọmọ bá ti sùn, kó fa ìró bò ó lórí pátápátá. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe nìyẹn. Ta ló fẹ́ kí ọyẹ́ fẹ́ lu ọmọ òun?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan Ìyá Ibido dé ẹ̀yìn Morónkẹ́, ó sì fa ìró náà wálẹ̀ kúrò lójú ọmọ.

"Fìlà ni kí o dé fún un. Má bo imú rẹ̀," ló wí.

Morónkẹ́ fa ìró náà padà sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fọwọ́ kan ọmọ mi mọ́. Ẹni tó pọnmọ rí ló yẹ kó kọ́ mi ní ọmọ pípọ̀n."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí kò sí ẹni tí kò mọ ibi tí ó ti lọ bà á. Ìyá Ibido jókòó ti agbọ̀n tirẹ̀, àmọ́ ó yí àpótí rẹ̀ padà kó lè máa rí ẹ̀yìn Morónkẹ́. Mo rí i, mo sì ń rò ó lọ́kàn mi pé kí ni obìnrin yìí ń ṣọ́ gan-an?

Nígbà tí oòrùn yọ dáadáa, Àlímì ti sùn. Morónkẹ́ tẹ̀ ba orí agbọ̀n, ó ń to obì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀já rẹ̀ ti dẹ̀, ọmọ náà sì ti ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ìró. Ẹnì kan ní, "Ọmọ yìí mà gbádùn o, kò tiẹ̀ dún mọ́." A rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ibido dìde. "Morónkẹ́, nàró!"

Morónkẹ́ ń to obì rẹ̀ lọ. Ìyá Ibido fò kọjá lórí obì tí a tẹ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ kan gbá ọmọ mú lábẹ́, ó sì fi èkejì tú ìró lára obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní gbangba! Morónkẹ́ pariwo, ó di yẹ̀rì rẹ̀ mú. Kí a tó dá sí i, ọmọ ti wà lórí itan Ìyá Ibido.

Láhílá! Òógùn bo ojú ọmọ náà, ètè rẹ̀ ti ṣú, ọrùn rẹ̀ rọ̀. Ìyá Ibido tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀ kúrò ní àyà, ó nu ikun imú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa á ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé ìbéèrè tán lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà àyà ọmọ náà sọ, ó fa èémí, ó sì fi igbe bọnu. N kò gbọ́ igbe tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

A gbé e sáré lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní kí a fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn títí di ìrọ̀lẹ́ kí àwọn lè máa wo bí ó ṣe ń mí. Bí a ṣe jókòó síta, èmi, Morónkẹ́ àti Ìyá Ibido, ìbéèrè mi padà dé.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Imú rẹ̀ ti ń dún látàárọ̀," ó ní. "Ó wá dákẹ́. Ẹ̀yin ń yọ̀ pé ó dákẹ́. Bí ọmọ kékeré bá yọ̀ sísàlẹ̀ nínú ìró, àgbọ̀n rẹ̀ á tẹ̀ mọ́ àyà, ọ̀nà ọ̀fun á há. Ẹ sì tún wá fi aṣọ dí imú rẹ̀."

"Ta ló kọ́ yín?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ẹni tó pọnmọ kò lè rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Èmi tí n kò ní tèmi, ẹ̀yìn yín ni mo ti ń wò láti ìgbà èwe mi."

Morónkẹ́ bú sẹ́kún. Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ìyá náà mú.

Nígbà tí a dé abẹ́ páànù lẹ́yìn tí ara ọmọ yá, Yèyé tẹ̀ lé wa. Kò bẹ̀bẹ̀, Yèyé kì í bẹ̀bẹ̀. Ó kàn jókòó, ó ní, "Ìyá Ibido, ẹ fi bó ṣe yẹ ká máa pọnmọ hàn wá." Morónkẹ́ na Àlímì sí i.

Ìyá Ibido gbà á. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé ọmọ sẹ́yìn, ó ya ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ìbàdí méjèèjì. Ó fa ìró dé èjìká ọmọ kó lè gbé ọrùn rẹ̀ ró, kò jẹ́ kó kọjá etí. Ó so ó le, àmọ́ ó fi àyè ìmí sílẹ̀, ó sì di ọ̀já gba abẹ́ ìdí ọmọ kó má baà yọ̀. Ó ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ mọ́ títẹ̀, kó sọ ọmọ kalẹ̀.

Ó nàró. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó wá ojú ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ kò dé ibẹ̀. Ó wá kọ ẹ̀yìn sí mi.

"Ìyá Síkírù, bá mi wò ó. N kò rí i."

Mo wò ó. Àlímì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e lẹ́yìn, imú rẹ̀ wà ní gbangba. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ mi súnmọ́ ọn, afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bà mí.

"Ó ń mí, mà," ni mo wí.