Oṣù Tí Kò Lé Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun

Mùyídéènì Sàláúdéènì, ayàwòrán ilé ní Òṣogbo, kì í fa ìlà wọ́, kì í sì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ni kó sọ̀rọ̀ níwọ̀n. Bó bá ń kí ọ láàárọ̀, wá àga jókòó.

Lọ́dún 1974, Màmá Béjidé, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìléṣà, fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí màmá bá fọwọ́ sí àwòrán, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tí Mùyídéènì yóò yà láyé rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n fi ìpàdé sí Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, nílé màmá. Mùyídéènì ti ṣírò rẹ̀: ààwẹ̀ á parí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọdún á bọ́ sí Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀ á di ọjọ́ iṣẹ́. Ó ṣírò bí ẹni pé òun ló ń pàṣẹ fún oṣù.

Nírọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun, àdúgbò wojú ọ̀run títí, wọn ò rí oṣù. Lèmọ́mù ní kí wọ́n gba ààwẹ̀ pé ọgbọ̀n. Ọdún wá di Ọjọ́bọ̀. Àyà Mùyídéènì já. Ayàwòrán tí màmá kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún kò wá lọ́jọ́ àdéhùn, kò sì ránṣẹ́, ni màmá bá gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Mùyídéènì kọ lẹ́tà ojú ìwé mẹ́ta sí màmá. Raliat ìyàwó rẹ̀ kà á, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Nọ́síràtù, ẹ ti ròyìn ààwẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ìgbà wo gan-an lẹ ó wá? Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì lẹ kọ síbí. Jímọ̀ ńkọ́?"

Ojú tì í. Ó mú bébà mìíràn:

"Màmá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ọjọ́bọ̀ tí a dá ti di ọjọ́ ọdún, n kò ní lè wá. Èmi ni mo ṣi ọjọ́ kà. Mo lè wá ní Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀, tàbí Mọ́ńdè, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni kí ẹ mú. Bí méjèèjì ò bá rọrùn, ẹ dá ọjọ́ tiyín. Àkànó awakọ̀ yóò dúró gba èsì."

"Ó tó," Raliat wí. "Ẹ lẹ̀ ẹ́ pa."

Láàárọ̀ Ọjọ́rú ni Àkànó, tó ń fi mọ́tò ná Ìléṣà, gbé e lọ. Lọ́jọ́ náà ebi ààwẹ̀ ò pa Mùyídéènì tó ìrònú lẹ́tà yẹn. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, èsì dé:

"Ọmọ mi, Sátidé dára. Ọjọ́ tí ẹni ìṣáájú ò wá, mo wọṣọ, mo jókòó sí pálọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, mo ń yọjú síta. Ìjókòó yẹn ló dùn mí, kì í ṣe iṣẹ́. Ẹ kú ọdún."

Inú Mùyídéènì dùn, àánú màmá sì ṣe é.

Ní Sátidé, aago mẹ́wàá ò tíì lù tó fi kan ilẹ̀kùn. Màmá ti wọṣọ, ó ti jókòó sí pálọ̀.

"Wọlé, ọmọ mi," màmá wí. "Tẹ́ ilé mi sílẹ̀ kí n rí i."