Bí A Ṣe Fi Ọ̀rọ̀ Ẹnu Aago Méje Kọ́ AI

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń ka ìròyìn aago méje lórí rédíò. Ó kà á pẹ́ débi pé àwọn ará àdúgbò gbàgbé orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́, Aago Méje ni gbogbo wọn ń pè é, inú ẹ̀ sì máa ń dùn sí i. Tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù kan tó ní "Ẹ káàsán o," àwọn tó ń jà níbẹ̀ á dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Lórí rédíò, kò ní fi ẹyọ èèbó kan kún Yorùbá ẹ̀. Tó bá délé ló máa ń tú èèbó náà sílẹ̀. "Ta ló gbé charger mi? Ẹ ò serious rárá nínú ilé yìí!" Báyẹn ni àwa ṣe mọ̀ ọ́n.

Kókó kan yọ sí i lọ́nà ọ̀fun. Àwọn dókítà ní kó tó lè yè, àwọn ní láti yọ ibi tí ohùn ti ń jáde. Ó yè, ohùn lọ.

Kó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ó fi òfin kan lélẹ̀ fún wa: a ò gbọdọ̀ sọ fún ọmọ ẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ìlú tó jìnnà ni òun àti ọkọ ẹ̀ ń gbé, ó sì lóyún. "BP ọmọ yẹn ò dáa," ló wí. "Ẹ má fi wàhálà tèmi kún un." Ọkọ ọmọ náà mọ̀, èmi náà mọ̀, gbogbo wa di òpùrọ́. Tí ọmọ bá pè, a ó ní màmá ẹ̀ ń sùn, tàbí pé network kò dáa. Àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ni Aago Méje fi ń dá a lóhùn. Èmi sọ fún un pé irú irọ́ báyìí kì í pẹ́ tú, ó fi ojú nìkan bá mi wí.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe. Mo ní yàrá kan lẹ́bàá títì, kọ̀ǹpútà méjì àti ẹ̀rọ fotokópì tó ń gbóná bí ààrò. Àtìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti kúrò ní ọsibítù, ọ̀dọ̀ mi níbẹ̀ ló máa ń jókòó, lórí àga tó fẹ̀yìn ti ògiri. Ètò kan wà lórí fóònù ẹ̀ tó máa ń ka Yorùbá síta pẹ̀lú ohùn obìnrin kan tá ò mọ̀ rí. Tí o bá fi àmì sórí ọ̀rọ̀ àti sábẹ́ ẹ̀, á kà á dáadáa. Tí o ò bá fi sí i, á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oúnjẹ gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀. Aago Méje mọ àmì ju èmi lọ fíìfíì, àmọ́ ìka ẹ̀ ti wú látàrí abẹ́rẹ́, ìka kan ló fi ń tẹ fóònù, tó bá sì ní kóun máa wá àmì kọ̀ọ̀kan kiri, ilẹ̀ á ṣú.

Èmi ni mo mú AI wọ ọ̀rọ̀ náà. Á tẹ ọ̀rọ̀ ní ìhòòhò, AI á fi àmì sí i, a ó gbé e lọ fún ètò tó ń kàwé. Mo kọ ìtọ́ni fún un pé kó máa tún ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ṣe sí ojúlówó Yorùbá, kó sì fi àmì sí i. A ní láti fún un ní àpẹẹrẹ bí obìnrin náà ṣe ń sọ̀rọ̀. Aago Méje kó ìwé ìròyìn tó ti kà sẹ́yìn wá láti ilé, gbogbo ẹ̀ ní àmì pérépéré. A kó wọ́n sínú ìtọ́ni náà látòkèdélẹ̀. Ta ló máa bá akàròyìn wí? Wọ́n ní kó mú Yorùbá ẹ̀ wá, ó mú èyí tó fi ń yangàn wá.

Láti ọjọ́ náà, tó bá tẹ "Fun mi ni tea," AI á dá a padà báyìí: "A ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ béèrè ife tíì kan lọ́wọ́ yín." Àwọn oníbàárà mi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn, Aago Méje pàápàá á máa mi èjìká. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí ẹ̀rín.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ kan ni ọkọ ọmọ náà pè mí.

"Mọ́mì kékeré, ẹ gbà mí o. BP ìyàwó mi ti ga jù. Ojú ń ṣú u, kò lè ka nǹkan kan mọ́. Dókítà ní kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ inú ẹ̀ jáde báyìí báyìí, àmọ́ òun ò fẹ́ fọwọ́ sí i. Ó ní màmá òun ti kú, pé ẹ̀ ń fi pa mọ́ fún òun. Ó ní àfi tí òun bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu màmá òun."

"Gbé fóònù fún un."

Mo gbọ́ mímí ẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, màmá ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí."

"Ẹ gbé fóònù fún wọn."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti dìde, ó la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde níbi ihò tí àwọn dókítà dá sí i lọ́rùn.

"Ẹ gbé e fún wọn, Mọ́mì kékeré." Mo ní kó ní sùúrù. "Ẹ ò rí i?" ló wí, ó sì bú sẹ́kún.

Aago Méje já fóònù tiẹ̀ gbà lórí tábìlì. Ó tẹ̀ ẹ́: "Omo mi, mummy e ni. Mi o ku. Je ki won se operation yen." Ó jù ú fún AI. Mi ò dúró ka ohun tó dá padà, mo gbé e lọ tààrà fún ètò tó ń kàwé, mo sì gbé fóònù kejì sún mọ́ ọn.

Ohùn obìnrin náà jáde, ó tutù minijọ. "Ìyá rẹ ń fi àkókò yìí kéde fún ọ pé òun ṣì wà láàyè. A rọ̀ ọ́ pé kí o yọ̀ǹda ara rẹ fún iṣẹ́ abẹ náà."

Igbe tí ọmọ náà ké, mi ò ní gbàgbé ẹ̀. "Wọ́n ń kéde! Wọ́n ti ń kéde Mọ́mì mi!" Ọmọ akàròyìn ni, ó mọ bí ìròyìn ṣe ń dún, ó sì mọ irú ẹni tí wọ́n sábà máa ń kéde.

"Kí lẹ ṣe yìí?" ọkọ ẹ̀ ń pariwo. "Kí lẹ ṣe fún un yìí?"

Mo bínú sí ẹ̀rọ náà bí ẹni pé èèyàn ni. Mo tẹ̀ ẹ́ fún un pé: má kọ̀wé bíi rédíò mọ́, lo Yorùbá ìgboro, da èèbó pọ̀ mọ́ ọn. Ó gbọ́, ó sì ṣe é láṣejù: "My dear ọmọ mi, mo wà alive o! Just relax, kí o allow àwọn doctor láti do iṣẹ́ wọn!" Bí àwọn tó ń polówó ọṣẹ. Aago Méje fọwọ́ gbá tábìlì. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, "a ń fi àkókò yìí" tún yọjú, nítorí àwọn ìròyìn yẹn ṣì wà lókè nínú ìtọ́ni, ibẹ̀ ló ń wò. Oníbàárà kan na ìwé sí mi pé kí n bá òun ṣe fotokópì. Mo ní kó jáde kí n tó fi fotokópì náà lé e. Ó jáde lóòótọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi fi fóònù mi sórí mute kí wọ́n má bàa gbọ́ wa, ó mú tiẹ̀. Ó wá ibi tí èmi àti ẹ̀ ti ń ránṣẹ́ sí ara wa, ó tẹ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó fi ohùn sọ fún mi kó tó ṣàìsàn. Ohùn ẹ̀ sì kún inú yàrá.

"Ọmọ yẹn ti gbé cooler mi méjèèjì lọ o, kò return ẹ̀. Mo ní appointment lọ́la, kí ni kí n wá gbé oúnjẹ sí? Kò try rárá. Bá mi warn ẹ̀, jàre."

Ojú mi ṣú. Mi ò tíì gbọ́ ohùn yẹn látìgbà tí wọ́n ti yọ ọ́. Òun ò sunkún, ó ń fìka gún fóònù náà ṣáá: èyí ni, èyí ni. Kì í ṣe pé ká gbé e fún ọmọ gbọ́ o. Ọmọ ní irú ẹ̀ lọ́wọ́, òkú pàápàá sì máa ń fi ohùn sílẹ̀ sínú fóònù. Ó fẹ́ kí AI rí bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an.

Mo pa gbogbo ìtọ́ni àtijọ́ rẹ́, mo ṣí ojú ìwé tuntun kí ó má bàa rántí rédíò kankan. Mo tẹ ọ̀rọ̀ cooler náà sínú ẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀, mo tún tẹ méjì sí i, mo wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Báyìí ni obìnrin yìí ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé. Ọmọ ẹ̀ ló fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Má yí ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà, má fi kún un, má yọ kúrò. Àmì nìkan ni kí o fi sí Yorùbá ẹ̀. Èèbó tó bá lò, fi í sílẹ̀ níbi tó wà, má túmọ̀ ẹ̀, má sì wá èèbó míì kún un. Tí ọ̀rọ̀ kan ò bá yé ẹ, bi mí, má méfò."

Aago Méje tẹ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìka wíwú yẹn. AI bi wá nípa ọ̀rọ̀ kan, a dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà padà wá, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ gan-an, àmì ti wà lórí ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mi kà á tán pẹ̀lú ojú ara ẹ̀. Ó rí ibì kan tí AI ṣì ṣì í, ó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo yọ mute kúrò, ó sì ní kí ètò tó ń kàwé kà á.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ò serious. Ta ló sọ fún ẹ pé mo ti kú? Cooler mi méjèèjì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ, ṣé mo fẹ́ kú láìgbà á ni? Ọkọ ẹ ń pariwo níwájú nurse, o sì ń wò ó. Jẹ́ kí wọ́n ṣe operation yẹn, jàre."

"Mọ́mì?" Ohùn ẹ̀ ti kéré. "Mọ́mì, ohùn ta nìyẹn?"

Ìka ẹ̀gbọ́n mi dúró lókè fóònù. Òfin tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ló kù tó ní láti rú. Ó tẹ̀ ẹ́, AI fi àmì sí i, ohùn obìnrin tá ò mọ̀ rí náà sì bá a sọ ọ́: "Wọ́n ti yọ ohùn mi. Èmi ṣì wà."

Ọmọ náà sunkún, àmọ́ ẹkún yìí yàtọ̀. Láàárín ẹ̀ la ti gbọ́ tó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ."

Fóònù kú. A wá ń retí ìpè. Mi ò lè ṣiṣẹ́, Aago Méje ò lè jókòó re. Ó ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ fotokópì, ó ń padà. Mo rò ó pé tí ọmọ yẹn bá kú, irọ́ wa ló pa á, mi ò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ kí ọkọ ẹ̀ tó pè. Ọmọ obìnrin ni, ó kéré, wọ́n ti gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń mú u móoru. Màmá ẹ̀ ti jí.

"Ó ní kí ẹ bá òun sọ̀rọ̀, Mọ́mì."

Aago Méje ò dúró de AI, kò sì dúró de èmi. Ó tẹ̀ ẹ́ ní ìhòòhò sínú ètò tó ń kàwé: "Se o ti jeun?" Ohùn náà kà á wúyẹ́wúyẹ́, oúnjẹ gbígbóná kún ẹnu. Mo na ọwọ́ kí n gba fóònù, kí n tún un ṣe.

"Rárá, Mọ́mì," ọmọ náà dáhùn lọ́hùn-ún. "Wọn ò tíì fún mi ní nǹkan kan."